Báàgì tó wọlé ní àlọ lè má wọlé ní àbọ̀: ọ̀rọ̀ fíréèmù onírin tó wà ní géètì

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù olówó pọ́ọ́kú, easyJet ni màá wọ̀ lọ, Ryanair ni màá wọ̀ bọ̀. Báàgì kékeré onítáyà kan ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ 45 x 36 x 20 sí i lára, mo sì fi téèpù wọ̀n ọ́n nílé, ó pé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ń sọ pé wọ́n gba owó ńlá lọ́wọ́ òun ní géètì lórí báàgì tóun ti ń gbé wọ bàálù tipẹ́. Ṣé tèmi máa wọlé àbí kí n ra òmíì?"

Ní àlọ, ó ṣeé ṣe kó wọlé. Ní àbọ̀, kò ní wọlé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. easyJet gbà kéèyàn gbé báàgì kan tó jẹ́ 45 x 36 x 20 sẹ̀ǹtímítà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni wọ́n sì kọ sára báàgì yín yẹn, ó jọ pé nítorí easyJet gan-an ni wọ́n ṣe rán an. Ryanair ní tiwọn, 40 x 30 x 20 ni báàgì ọ̀fẹ́ wọn, bó sì ṣe wà yìí wọ́n tiẹ̀ ti fi kún un ni, torí kó tó di 2025 tí wọ́n yí i padà, 40 x 25 x 20 ni. Tẹ́ ẹ bá wá gbé méjèèjì síra, báàgì yín fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gùn ju ti Ryanair lọ, ó sì fi mẹ́fà fẹ̀ jù ú. Báàgì onítáyà sì máa ń ní egungun nínú, kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ṣeé ká, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pàrọwà fún un kó rọra wọnú fíréèmù onírin tí wọ́n fi ń wọn báàgì ní géètì.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé báàgì ọwọ́ ò ju oríṣi kan lọ. Oríṣi méjì ni, owó wọn ò sì papọ̀. Àkọ́kọ́ ni báàgì abẹ́ ìjókòó, èyí tí ẹsẹ̀ yín máa gbá mọ́ abẹ́ àga iwájú yín, òun nìkan ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù. Èkejì ni báàgì orí òkè, èyí tí wọ́n ń gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí, òun ni wọ́n ń san owó fún, tàbí kó bá tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n díẹ̀ wá. Ní Ryanair, "Priority & 2 Cabin Bags" lẹ máa rí lójú fóònù, ó sì máa fún yín ní báàgì abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú ọ̀kan sí i tó jẹ́ 55 x 40 x 20, kílò mẹ́wàá. Ní easyJet, "Large cabin bag" ni wọ́n ń pè é, 56 x 45 x 25. Àwọn tó ń ta báàgì náà ò ràn wá lọ́wọ́, wọ́n á kàn kọ ọ́ síta pé báàgì inú bàálù ni, wọn ò ní sọ bóyá ti abẹ́ àga ni tàbí ti òkè, wọn ò sì ní sọ bàálù ta ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní báàgì ọwọ́ wà nínú owó tẹ́ ẹ san, ẹ̀yin á gbà pé ti òkè ni, ti abẹ́ àga ni wọ́n ń sọ.

Ó dà bíi pé ibi tọ́rẹ̀ẹ́ yín ti kó sí wàhálà náà nìyẹn, àbí kó jẹ́ èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, torí èyí ló wọ́pọ̀ jù. Téèpù àti fíréèmù ò wọn nǹkan lọ́nà kan náà. Ibi tẹ́ ẹ bá na téèpù sí ló máa wọ̀n, fíréèmù sì máa wọn ibi tó yọ síta jù lọ. Ẹ̀yin á na téèpù láti etí aṣọ báàgì dé etí kejì, ẹ̀ẹ́ rí 40, ẹ̀ẹ́ ní ó ti dáa, ṣùgbọ́n táyà méjì wà nísàlẹ̀ tó yọ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á náà ò wọlé tán lókè, àpò kan wà níwájú tó wú torí ṣájà àti ìgò omi tẹ́ ẹ rọ́ sínú ẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni fíréèmù máa kà. Àwọn tó ṣe báàgì pàápàá, òmíràn nínú wọn máa ń wọn ara báàgì nìkan láìka táyà, wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ òfin ilé-iṣẹ́ bàálù, táyà wà nínú ẹ̀, ọwọ́ wà nínú ẹ̀. Nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára báàgì kì í ṣe ẹ̀rí kankan níwájú òṣìṣẹ́ géètì.

Nǹkan míì tún ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yẹn ló gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn kan máa ń ṣe ìṣirò pé báàgì àwọn gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, pé yóò dọ́gba. Kò ní dọ́gba, irin ò mọ ìṣirò yẹn. Báàgì tó jẹ́ 44 x 25 x 15 kéré sí ti Ryanair tẹ́ ẹ bá fojú inú wò ó, síbẹ̀ tó bá le, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin yẹn máa yọ síta lórí fíréèmù, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ gba owó. Tó bá jẹ́ báàgì aṣọ rírọ̀ ni, tí ẹ ò sì kì í yó, ẹ lè tẹ orí ẹ̀ wọlé, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fáwọn èèyàn pé báàgì ẹ̀yìn rírọ̀ ló yẹ fún abẹ́ àga, kì í ṣe onítáyà. Táyà yẹn àti irin ọwọ́ ẹ̀ tún ń jẹ àyè nínú báàgì. Àyè 40 x 30 x 20, lítà mẹ́rìnlélógún ni lápapọ̀. Báàgì ẹ̀yìn aṣọ máa fún yín ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, onítáyà á ti kó apá kan lọ kẹ́ ẹ tó di ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sí i. Ní ti 45 x 36 x 20 ti easyJet, ó lé ní lítà méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré, aṣọ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó báyìí? Ìdí méjì ló wà, òótọ́ sì ni méjèèjì. Bàálù Boeing 737-800 tí Ryanair ń lò, èèyàn 189 ló ń gbé, àwọn fúnra wọn sì ti sọ ọ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù òkè ò gbà ju nǹkan bí 90 báàgì onítáyà lọ. Tí gbogbo èèyàn bá gbé tiẹ̀ wá, ìdajì á máa wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí, wọ́n á dúró sójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni wọ́n fẹ́ kí bàálù lò nílẹ̀ kó tó gbéra padà. Ìdí kejì ni owó. Tíkẹ́ẹ̀tì rọjú torí pé àwọn nǹkan míì ló ń mú owó wá, báàgì, ìjókòó, oúnjẹ, ní Ryanair nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún wọn ló ń tibẹ̀ wá. Wọ́n tiẹ̀ ń fún òṣìṣẹ́ géètì ní owó díẹ̀ lórí báàgì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú tó tóbi jù, yúrò kan àbọ̀ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di yúrò méjì àbọ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2025. Ọ̀gá wọn, Michael O'Leary, ń sọ ọ́ ní gbangba, kò fi pamọ́. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó dúró ní géètì yẹn ò ní gbójú kúrò, àti pé báàgì tó kọjá lọ́dún tó kọjá lè má kọjá lónìí, láìjẹ́ pé òfin yí padà rárá. Wọn kì í yẹ báàgì gbogbo èèyàn wò, ẹni tí báàgì ẹ̀ bá fojú hàn pé ó wú ni wọ́n ń pè. Ọ̀rẹ́ yín lè ti máa gbé báàgì tó tóbi jù kiri láti ọjọ́ yìí wá kó má sì sí ẹni tó dá a dúró.

Ó wá ku ohun tẹ́ ẹ lè ṣe. Ẹ̀ẹ́kíní, ẹ lè gbé báàgì ẹ̀yìn rírọ̀ kan tó jẹ́ 40 x 30 x 20 lọ àti bọ̀, torí ẹni tó bá ń wọ bàálù ilé-iṣẹ́ méjì, nọ́ńbà tó kéré jù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ohun tó bá wọlé ní Ryanair á wọlé ní easyJet fàlàlà. Wizz Air náà, 40 x 30 x 20 ni tiwọn, báàgì kan náà máa ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ èyí tí ọkàn yín máa balẹ̀ sí pátápátá, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù tó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Airlines for Europe ti fẹnu kò ní 2025 pé 40 x 30 x 15 ni ó kéré tán táwọn máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló dè.

Ẹ̀ẹ́kejì, ẹ mú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, kẹ́ ẹ ra "Priority & 2 Cabin Bags" fún àbọ̀ nìkan. Ẹ wò ó dáadáa, 45 x 36 x 20 wọnú 55 x 40 x 20 láìsí wàhálà ní gígùn àti fífẹ̀, nínípọn ẹ̀ nìkan ló ṣe rẹ́gí, nítorí náà ẹ má kì í títí ikùn ẹ̀ á fi wú. Ẹ tún máa ní àǹfààní báàgì kékeré kan sí i. Iye owó ẹ̀ ò dúró sójú kan, ó ń yí padà bí ọjọ́ àti ibi téèyàn ń lọ ṣe rí, ṣùgbọ́n ìgbà téèyàn bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń rọjú jù, tí wọ́n bá fi í kún un lẹ́yìn náà lórí áàpù ó máa ń gòkè díẹ̀, tó bá di pápákọ̀ òfurufú ó tún gòkè sí i, géètì ló burú jù. Ní géètì Ryanair, owó báàgì tó tóbi jù lè tó 75 yúrò, ẹlòmíì ò san tó bẹ́ẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Ẹ̀ẹ́kẹta, ẹ lè ra àyè báàgì kílò mẹ́wàá tó máa lọ sínú bùùtù bàálù, nígbà míì ó máa ń dín sí ti Priority, ṣùgbọ́n ẹ máa dúró gbà á tẹ́ ẹ bá dé. Ti pé kẹ́ ẹ kàn gbé e lọ bó ṣe wà kẹ́ ẹ máa retí pé wọn ò ní rí yín, mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, tí ìrìn àjò náà ò bá ju ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lọ, báàgì rírọ̀ ni màá gbé. Tí mo bá mọ̀ pé màá ra nǹkan bọ̀, Priority ti àbọ̀ ni màá san, màá sì san án lọ́jọ́ tí mo bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, àlọ àti àbọ̀ ni wọ́n máa ń tì lé èèyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí tí wọ́n bá fi ọ̀kan kún un, ọ̀kan yẹn nìkan ló wà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nílé bóyá báàgì máa wọlé: ẹ gbàgbé téèpù. Ẹ wá páálí kan, ẹ gé e kí inú ẹ̀ jẹ́ 40 ní gígùn, 30 ní fífẹ̀, 20 ní jíjìn, inú o, kì í ṣe ìta, torí páálí náà ní ìnípọn tiẹ̀. Ẹ di báàgì tán, kí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wà nínú ẹ̀, tó fi mọ́ èyí tó ń lọ sínú àpò ìta, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sínú páálí náà. Tó bá fúnra ẹ̀ wọlé tó sì fúnra ẹ̀ jáde, ó dáa. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi orúnkún tì í, ohun tí wọ́n máa rí ní géètì nìyẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi orúnkún tì í. Nǹkan tó ń wú jù ni àpò iwájú, ẹ jẹ́ kó ṣófo títí ẹ ó fi jókòó sínú bàálù. Ohun tó wúwo tó sì le, bàtà, ìwé, kọ̀ǹpútà, ẹ kó o sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn yín, aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí iwájú, ìyẹn ló máa jẹ́ kó ṣeé tẹ̀. Ẹ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà, ẹ ò sì ní páálí níbẹ̀, ẹ fojú wo bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ lọ. Aṣọ tó ti dọ̀tí tí wọn ò ká dáadáa máa ń gba àyè ju aṣọ tí wọ́n ká lọ, ẹ̀bùn náà á ti wọ̀ ọ́, àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sanwó.

Tí wọ́n bá wá pè yín sí ẹ̀gbẹ́ ní géètì, ẹ má tíì gbé báàgì sínú fíréèmù. Ẹ kọ́kọ́ kúrò lójú láìnì, ẹ ṣí sípù àpò iwájú, ẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ sínú àpò kóòtù yín, ẹ yọ súwẹ́tà tó wà lókè kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, ẹ fa bẹ́líìtì báàgì kó le. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá gbé e sí i, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sọlẹ̀, torí àwọn kan ń gbé e sí i lọ́nà òdì, wọ́n á wá máa jiyàn. Tó bá wọlé pátá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nínú fíréèmù yẹn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Tí òṣìṣẹ́ bá ṣì ní kẹ́ ẹ sanwó, fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí yín, ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ bá délé. Àríyànjiyàn ní géètì ò ní mú yín wọ bàálù, wọ́n lágbára láti fi yín sílẹ̀, ilẹ̀kùn á sì tì.

Ẹ lè gbọ́ pé òfin wà lẹ́yìn yín, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ kan tó kan ilé-iṣẹ́ bàálù Vueling pé báàgì ọwọ́ jẹ́ ara ohun tí èrò ò lè ṣe kó má gbé, pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó lé e lórí, tí ìwọ̀n àti ìtóbi ẹ̀ ò bá ti kọjá ohun tó bójú mu. Ìjọba Sípéènì fi ìyẹn bu owó ìtanràn tó jẹ́ mílíọ̀nù 179 yúrò lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún lórí ní Oṣù Kọkànlá 2024, Ryanair àti easyJet wà nínú wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ò gbà, ọ̀rọ̀ náà di ti kóòtù. Ọ̀rọ̀ "tó bójú mu" yẹn ni gbogbo ìjà wà lé lórí, ilé-ẹjọ́ ò sọ iye sẹ̀ǹtímítà, ilé-iṣẹ́ bàálù sì ń sọ pé báàgì abẹ́ àga tí àwọn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó. Ẹ lè fi jà lẹ́yìn ìrìn àjò, kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ fún òṣìṣẹ́ géètì nígbà tí bàálù fẹ́ gbéra.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi báàgì kan náà lọ apá ibòmíì láyé lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fi ti Yúróòpù ṣe é. Ní AirAsia, bí àpẹẹrẹ, báàgì méjì ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n kílò méje ni àpapọ̀ wọn, ìwọ̀n lórí síkéèlì ni wọ́n sì máa ń ṣọ́ jù, báàgì tó wọ fíréèmù fàlàlà lè kó yín sí owó torí pé kọ̀ǹpútà àti ṣájà nìkan ti jẹ kílò mẹ́ta nínú ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù, tẹ́ ẹ bá sanwó tí wọ́n sì fẹ́ gbé báàgì náà lọ sí bùùtù bàálù, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ yọ páwà báǹkì àti bátìrì èyíkéyìí tí ò sí lára ẹ̀rọ, wọn ò gbọ́dọ̀ wọnú bùùtù torí iná, ẹ yọ oògùn tẹ́ ẹ ń lò, páásìpọ́ọ̀tù, kọ́kọ́rọ́ ilé àti kọ̀ǹpútà. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ní kéèyàn kó gbogbo ìwọ̀nyẹn sínú pọ́ọ̀sì aṣọ kékeré kan ṣoṣo sókè báàgì láti ilé, kó lè fà á yọ lẹ́ẹ̀kan láìtú ẹrù sílẹ̀ lójú láìnì.